Orí Kẹfà: Bí Áàpù Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìsanwó Láti Inú Àkáǹtì Báǹkì Láìbéèrè Nọ́ńbà Káàdì

Bọ́tìnnì kan lójú ìwé owó-orí

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ awakọ̀ takisí tàbí onídìrí, fúnra rẹ̀ ló máa kọ iye tó pa sílẹ̀ fún HMRC, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba. Owó tó bá jáde níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní tó kọjá. Ọ̀nà kan tó ti pẹ́ ni pé kéèyàn wọ inú áàpù báǹkì rẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì HMRC, kó tẹ iye owó, kó wá tẹ nọ́ńbà ìtọ́kasí tirẹ̀, èyí tó jẹ́ dígíìtì 10 pẹ̀lú lẹ́tà K lẹ́yìn. Ibi nọ́ńbà ìtọ́kasí yìí ni wàhálà máa ń wà. Ẹni tó bá ṣi dígíìtì kan ṣoṣo tẹ̀, owó rẹ̀ lè dé àpò ìjọba láìjẹ́ pé ìjọba mọ ẹni tó san án. Ó ti sanwó tán, síbẹ̀ lẹ́tà ìtanràn lè máa kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Láti ọdún 2021, bọ́tìnnì mìíràn ti wà lójú ìwé náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú báǹkì yín láàárín àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, áàpù báǹkì yín á sì ṣí fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá, iye owó àti nọ́ńbà ìtọ́kasí ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ wo ojú fóònù, ó parí. Ẹ ò tẹ nọ́ńbà káàdì kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí owó dé ni orí yìí máa tú palẹ̀.

Ètò tó gbé bọ́tìnnì yẹn ró là ń pè ní ètò báǹkì ṣílẹ̀kùn nínú ìwé yìí. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ọwọ́ méjì ló tì í jáde. Àkọ́kọ́ ni òfin ìsanwó ilẹ̀ Yúróòpù tí ìjọba Ìlú Ọba sọ di òfin tirẹ̀ ní 2017. Ìkejì ni CMA, àjọ tó ń rí sí ìdíje nínú ọjà, tó pàṣẹ fún báǹkì mẹ́sàn-án tó tóbi jù pé kí wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà tí ìlànà rẹ̀ bára mu, kí wọ́n sì ṣí i fún iléeṣẹ́ tó bá ní ìwé àṣẹ. Ká má tan ara wa, àwọn báǹkì kò fi tinútinú ṣe é. Àṣẹ ni wọ́n tẹ̀ lé.

Fífà àti rírán

Kí a tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí káàdì ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà iwájú káàdì yín, ọjọ́ tó máa parí àti dígíìtì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìkànnì olùtajà, àṣírí lẹ ń fún un. Àṣírí yẹn kò mọ iye owó, kò mọ ọjà, kò sì mọ ẹni tó mú un dání. Olùtajà ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ báǹkì tirẹ̀ láti fi fa owó jáde lára yín. Bí olè bá jí ìwé tí olùtajà kọ àwọn nọ́ńbà náà sí, ó lè fi wọ́n fa owó mìíràn níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí báǹkì fi ń fi kóòdù àti ìbéèrè kún ìsanwó káàdì: ńṣe ni wọ́n ń mọ odi yí àṣírí kan tó ti jáde ká.

Nínú ètò báǹkì ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń fa owó. Báǹkì tẹ́ ẹ ní àkáǹtì sí ló ń rán an jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa rán an tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe tiránsífà. Ohun tí áàpù ṣe kò ju pé ó kọ ìwé ìsanwó náà sílẹ̀ tán, ó sì gbé e síwájú yín nílé báǹkì pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ó dà bí ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹlòmíràn ti kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ sí, tó wá kù kí ẹni tó ni owó buwọ́ lù ú níwájú òṣìṣẹ́ báǹkì gan-an, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìlànà mìíràn kan tilẹ̀ ti wà ṣáájú èyí. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní Yúróòpù, bíi Sofort ní ilẹ̀ Jámánì, máa ń ní kí oníbàárà tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì rẹ̀ sí ojú ìwé tiwọn. Kọ̀ǹpútà wọn á wá wọlé sí báǹkì lórúkọ rẹ̀, á sì ṣe tiránsífà náà. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ aṣínà yín lè rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní ní báǹkì, báǹkì kò sì lè fi ìdánilójú mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ wọlé ni àbí ẹlòmíràn. Nínú ètò tuntun yìí, ọ̀rọ̀ aṣínà kì í kúrò láàárín ẹ̀yin àti báǹkì yín.

Ìwé ìsanwó tó ń ṣáájú

Àwọn mẹ́rin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ń sanwó, ẹni tó ń gbà á, báǹkì ẹni tó ń sanwó, àti iléeṣẹ́ kan láàárín wọn tí a máa pè ní aṣojú. HMRC kì í bá báǹkì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Aṣojú ló ń bá a ṣe é. Aṣojú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ owó, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà aṣojú bá kan ẹnu ọ̀nà báǹkì, ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà ló fi ń sọ ẹni tó jẹ́. Bí kò bá ní i, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Kò sì pọn dandan kí aṣojú àti báǹkì ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀. Àṣẹ FCA yẹn tó.

Ẹ jẹ́ ká mú onídìrí kan tó jẹ £1,284.60. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì mú báǹkì rẹ̀. Kí áàpù báǹkì rẹ̀ tó ṣí, aṣojú ti fi ìwé ìsanwó ránṣẹ́ sí báǹkì, sí ibi tí ìlànà náà ń pè ní `/domestic-payment-consents`. Báyìí ni àárín rẹ̀ ṣe rí nínú ẹ̀dà 3.1 ìlànà Ìlú Ọba (nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà ìtọ́kasí inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni):

```json
{
  "Data": {
    "Initiation": {
      "InstructionIdentification": "ORI-0131",
      "EndToEndIdentification": "ORI-0131-77",
      "InstructedAmount": {
        "Amount": "1284.60",
        "Currency": "GBP"
      },
      "CreditorAccount": {
        "SchemeName": "UK.OBIE.SortCodeAccountNumber",
        "Identification": "00000012345678",
        "Name": "HMRC"
      },
      "RemittanceInformation": {
        "Reference": "1234567890K"
      }
    }
  },
  "Risk": {}
}
```

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí orúkọ onídìrí náà, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà. Aṣojú kò tíì mọ̀ ọ́n rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí owó máa lọ bá, iye rẹ̀ títí dé kọ́bọ̀, àti nọ́ńbà ìtọ́kasí. Dígíìtì 14 tó wà ní `Identification` jẹ́ 6 tó ń tọ́ka sí báǹkì àti ẹ̀ka rẹ̀, pẹ̀lú 8 tó jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì, tí wọ́n kọ mọ́ra. Nọ́ńbà ìtọ́kasí, tí èèyàn máa ń ṣì tẹ̀, kọ̀ǹpútà HMRC ló kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí, torí náà ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti fẹ́ràn bọ́tìnnì yìí.

Báǹkì á gba ìwé náà, á tọ́jú rẹ̀, á sì dá nọ́ńbà kan padà tí wọ́n ń pè ní `ConsentId`, pẹ̀lú ipò rẹ̀: `AwaitingAuthorisation`. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìwé wà nílẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ní báyìí, kọ́bọ̀ kan kò tíì mira.

Nílé báǹkì

Aṣojú á wá darí fóònù onídìrí náà sí báǹkì rẹ̀, pẹ̀lú `ConsentId` nínú ọ̀nà ìdarí náà. Bí áàpù báǹkì bá wà lórí fóònù, òun ló máa ṣí. Bí kò bá sí, ìkànnì báǹkì ni yóò ṣí. Láti ibí yìí, aṣojú kò rí nǹkan kan mọ́. Ojú ìwé tó wà níwájú onídìrí jẹ́ ti báǹkì látòkèdélẹ̀, ọ̀nà tó sì máa ń gbà wọlé lójoojúmọ́ náà ló máa gbà.

Òfin ní kí báǹkì fi ohun méjì, ó kéré tán, mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i, kí méjèèjì sì wá láti inú oríṣi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra: ohun téèyàn mọ̀, bíi píìnì, ohun téèyàn ní lọ́wọ́, bíi fóònù tí báǹkì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tó jẹ́ ara èèyàn, bí ìtẹ̀ka tàbí ojú. Fóònù onídìrí jẹ́ ọ̀kan, àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ́ ìkejì. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò kọjá, tó sì jẹ́ egungun ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Ìfọwọ́sí yẹn so mọ́ iye owó yẹn àti ẹni yẹn. Báǹkì gbọ́dọ̀ fi méjèèjì han onídìrí kó tó tẹ̀ka, bí ohunkóhun bá sì yí padà nínú wọn lẹ́yìn náà, ìfọwọ́sí ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò ṣeé mú lọ san £1,284.61, kò sì ṣeé mú lọ sanwó fún ẹlòmíràn ní iye kan náà.

Nígbà tó bá tẹ̀ka tán, ipò ìwé náà á di `Authorised`. Báǹkì á dá fóònù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ aṣojú pẹ̀lú kóòdù kúkúrú kan. Kóòdù yìí kì í pẹ́ kó tó kú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣiṣẹ́. Aṣojú á gbé e padà lọ sí báǹkì láti ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, báǹkì á sì fi àmì àṣẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí báǹkì kò kàn fi àmì àṣẹ náà ránṣẹ́ nígbà tó ń dá fóònù padà. Ìdí ni pé orí fóònù lẹnikẹ́ni ti lè yọjú wo ohun tó ń kọjá. Bí ẹnì kan bá jí kóòdù yẹn lójú ọ̀nà, kò ní í lè fi ṣe nǹkan kan, torí pé kò ní ìwé ẹ̀rí aṣojú.

Àmì àṣẹ yìí ni gbogbo ohun tí aṣojú gbà. Kò lè fi wo iye tó kù nínú àkáǹtì onídìrí, kò lè fi ka ìtàn owó rẹ̀. Ìsanwó kan ṣoṣo ló wà fún.

Láti ìfọwọ́sí dé orí owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé bí onídìrí ṣe tẹ̀ka báyìí ni owó ti lọ. Rárá o. Aṣojú ṣì gbọ́dọ̀ padà wá sí báǹkì, sí `/domestic-payments`, kó tún fi ìwé ìsanwó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú `ConsentId` àti àmì àṣẹ. Báǹkì á gbé ìwé tuntun yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí onídìrí fọwọ́ sí. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú apá `Initiation`, á dá a padà. Bí wọ́n bá bára mu, ipò ìfọwọ́sí á di `Consumed`, ìyẹn ni pé wọ́n ti lò ó tán, ẹnikẹ́ni kò sì lè tún un lò. Ìgbà yìí ni báǹkì tó máa rán owó gan-an.

Ojú ọ̀nà tí owó ń gbà lọ kì í ṣe ti ètò báǹkì ṣílẹ̀kùn rárá. Ọ̀nà ìsanwó kíákíá tó wà láàárín àwọn báǹkì Ìlú Ọba láti 2008 ni. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, ó sì sábà máa ń gbé owó dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Láti oṣù kejì 2022, ó lè gbé tó £1,000,000 lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ báǹkì kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n tirẹ̀ tó lè kéré sí èyí, òdiwọ̀n báǹkì ló sì ń borí. Ẹni tí owó-orí rẹ̀ pọ̀ lè tẹ̀ka tán kí ìsanwó rẹ̀ ṣì di `Rejected`, kì í ṣe pé owó kò sí nínú àkáǹtì rẹ̀, bí kò ṣe pé ó ju ohun tí báǹkì gbà kó rán lọ́jọ́ kan.

Ibi tó ti ń dojú rú

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí pé ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ ló mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé onídìrí tẹ̀ka tán ní áàpù báǹkì, ìpè kan sì wọlé. Ó gbé e, ó gbàgbé ohun tó ń ṣe, fóònù kò padà sọ́dọ̀ aṣojú mọ́. Lójú tirẹ̀, ó ti sanwó: àbí áàpù báǹkì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fọwọ́ sí i? Ṣùgbọ́n kóòdù kúkúrú yẹn kò dé ọwọ́ aṣojú, aṣojú kò sì rí àmì àṣẹ gbà. Bí aṣojú bá wo ipò ìfọwọ́sí náà ní báǹkì, yóò bá a ní `Authorised`, kò tíì di `Consumed`. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ń sọ fún un pé owó kò lọ. Ọ̀nà tó dára ni kí aṣojú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí onídìrí pé ìsanwó kò parí, kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Onídìrí fúnra rẹ̀ lè mọ̀ bó bá wo ìtàn àkáǹtì rẹ̀: bí £1,284.60 kò bá ti jáde níbẹ̀, kò tíì san nǹkan kan, ohun yòówù kí ojú ìwé kan sọ.

Ìṣòro kejì burú ju èyí lọ. Aṣojú ti fi ìwé kejì ránṣẹ́, báǹkì ti gbà á, ó ti rán owó, ṣùgbọ́n kí ìdáhùn tó dé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Aṣojú kò mọ̀ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Bó bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ńkọ́? Ìlànà náà ti rò ó tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé ìsanwó ló ń gbé nọ́ńbà kan lórí tó ń jẹ́ `x-idempotency-key`. Bí báǹkì bá rí nọ́ńbà kan náà láàárín wákàtí 24, kò ní ṣe ìsanwó tuntun. Èsì ti àkọ́kọ́ ló máa dá padà. Torí náà, ẹni tó ń kọ kóòdù aṣojú gbọ́dọ̀ tọ́jú nọ́ńbà yìí kó tó fi ìwé ránṣẹ́, kó sì tún òun náà lò nígbà tó bá ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ń dá nọ́ńbà tuntun sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú ti sọ ìdáàbòbò náà di òfo. Lóòótọ́, ìfọwọ́sí tó ti di `Consumed` ṣì lè gbà á sílẹ̀, àmọ́ àṣìṣe ni báǹkì máa fi dá a lóhùn, kò ní rí nọ́ńbà ìsanwó tó ti lọ, ó sì lè sọ fún onídìrí pé kó tún san. Báyìí ni owó-orí kan ṣe ń di méjì.

Ìkẹta jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tó ń tan ojú jẹ. Lẹ́yìn tí ìsanwó bá wọlé, báǹkì á máa sọ ipò rẹ̀. `Pending` ni pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. `AcceptedSettlementInProcess` ni pé wọ́n ti gbà á, ó ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni `AcceptedSettlementCompleted`, ẹni tó bá sì ka ìyẹn máa sọ pé ó ti parí pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó san án. `AcceptedCreditSettlementCompleted` ló ń sọ pé ó ti wọ àkáǹtì ẹni tó ń gbà á, kì í sì í ṣe gbogbo báǹkì ló máa ń lè sọ ìyẹn. Fún owó-orí, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Àmọ́ fún ẹni tó ń ta fóònù £900, tó sì ń gbé ọjà lé oníbàárà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kó rí i pé owó ti wọ àkáǹtì òun kó tó jọ̀wọ́ ọjà.

Ta ló máa dá owó padà?

Òfin 2017 dí aṣojú lọ́wọ́ lórí nǹkan mẹ́ta. Kò gbọ́dọ̀ di owó ẹni tó ń sanwó mú nígbàkigbà, kò gbọ́dọ̀ tọ́jú àṣírí ìsanwó rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yí iye, ẹni tó ń gbà á, tàbí ohun mìíràn padà nínú ìsanwó náà. Owó kì í gba àpò aṣojú kọjá rárá, torí náà bí aṣojú bá tilẹ̀ wọko gbèsè lọ́la, owó onídìrí kò sí níbẹ̀ láti bá a rì.

Bí owó bá jáde láìjẹ́ pé onídìrí fọwọ́ sí i, báǹkì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá a padà fún un, ó pẹ́ tán, ní òpin ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó fi tó wọn létí. Lẹ́yìn náà ni báǹkì á wá kọjú sí aṣojú, bó bá jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Onídìrí kò ní ẹjọ́ méjì rò.

Ibi tí káàdì ti ṣe jù ú lọ ni ọjà tí kò dé, tàbí tó dé tó bàjẹ́. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá fi káàdì àwìn ra nǹkan tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000 lọ, lè di báǹkì káàdì náà mú bí ọ̀rọ̀ bá dà rú, òfin 1974 ló fún un lágbára yẹn. Ìsanwó láti inú àkáǹtì kò ní irú rẹ̀. Owó tó ti lọ ti lọ, àfi kí olùtajà fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2024, àwọn báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó tó tó £85,000 padà fún ẹni tí gbájúẹ̀ tàn láti fi owó ránṣẹ́ gba ọ̀nà ìsanwó kíákíá, àmọ́ jìbìtì ni ìyẹn wà fún, kì í ṣe bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà yìí dára fún owó-orí, owó iná àti gbèsè, níbi téèyàn ti mọ ẹni tó ń san án fún. Fún ọjà lọ́wọ́ olùtajà téèyàn kò mọ̀ rí, káàdì ṣì ní ohun tó fi jù ú lọ.

Nílé, ní Nàìjíríà

Àwọn tó ń rajà lórí ayélujára ní Èkó tàbí Ìbàdàn á ti máa sọ pé àwọn náà kì í lo káàdì mọ́, tiránsífà ni. Ó yẹ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ nílé, ojú ìwé ìsanwó á gbé nọ́ńbà àkáǹtì kan wá tó wà fún ìgbà díẹ̀, oníbàárà á da nọ́ńbà náà kọ sínú áàpù báǹkì rẹ̀, á tẹ iye owó, á sì rán an. Owó ń kúrò ní báǹkì kan dé báǹkì kejì lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, láti ìgbà tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti dá ọ̀nà ìsanwó kíákíá tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló bẹ̀rẹ̀ ìsanwó náà, kì í ṣe áàpù. Òun ló tẹ iye, òun ló sì lè ṣì í tẹ̀.

Báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé ìlànà ètò báǹkì ṣílẹ̀kùn jáde ní oṣù kejì 2021, ó sì gbé ìtọ́sọ́nà lórí bí wọ́n á ṣe máa lò ó jáde ní oṣù kẹta 2023. Ibi tí èyí ti lè wúlò jù fún ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ àlẹ́ẹ̀tì irọ́. Gbájúẹ̀ tó ń fi àlẹ́ẹ̀tì irọ́ han ọlọ́jà ń rí i ṣe torí pé ojú fóònù oníbàárà ni ọlọ́jà ń wò. Nínú ìlànà tí a tú palẹ̀ lókè yìí, láti kọ̀ǹpútà báǹkì tó ń sanwó ni ipò ìsanwó ti ń dé ọ̀dọ̀ aṣojú, pẹ̀lú ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Oníbàárà kò ní nǹkan kan láti fi hàn, ọlọ́jà kò sì ní nǹkan kan láti wò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdánrawò

1. Onídìrí kan sọ pé òun ti san £1,284.60, HMRC ní òun kò rí i. Aṣojú wo báǹkì, ó bá ìfọwọ́sí náà ní ipò `Authorised`. Níbo ni ọ̀nà ti já? Kí ni kí wọ́n ní kí onídìrí ṣe?

2. Bí ìfọwọ́sí náà bá jẹ́ `Consumed`, tí ipò ìsanwó sì jẹ́ `Rejected`, dárúkọ ìdí kan tó lè fà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà nínú àkáǹtì, kó o sì sọ ẹni tó yẹ kí onídìrí kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

3. Kọ̀ǹpútà aṣojú kan ń dá `x-idempotency-key` tuntun sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já. Ṣàlàyé, láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, bí oníbàárà kan ṣe lè san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.